Omi ṣúgà tí wọ́n ń fún aláboyún mu ní lábù: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí méjì náà

Lọ́tẹ̀ yìí, àyẹ̀wò kan tí ọ̀pọ̀ ìyàwó wa àti ọmọ wa obìnrin ń bá pàdé ní kílíníkì aláboyún la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Nọ́ọ̀sì á ní kí aláboyún wá láàárọ̀ láìjẹun. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fún un ní omi tó dùn bí oyin mu, wọ́n á sì ní kó jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko kó tó lè lọ sílé. Èdè Haúsá tàbí òyìnbó ni wọ́n sábà máa fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún un, kò sì lè yé e tán.

Ohun tá a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó bá délé ni pé, "Ṣé wọ́n fẹ́ fi ṣúgà sí mi lára ni?" Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń dìde kúrò níbẹ̀ kí àkókò tó pé, wọ́n á ra búrẹ́dì àti mínírà lẹ́nu géètì, wọ́n á wá padà wọlé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tó kẹ́yìn. Àyẹ̀wò ọ̀hún ti bàjẹ́ nìyẹn, nọ́ńbà tí wọ́n bá kọ sórí ìwé kò sì ní sọ òótọ́. Ìdí nìyí tá a fi fẹ́ mú un ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú títí di ìgbà tí wọ́n bá ka nọ́ńbà wákàtí kejì.

Kí ni wọ́n ń wá gan-an?

Àtọ̀gbẹ tó máa ń yọjú nínú oyún ni wọ́n ń wá. Obìnrin tí kò ní ìtọ̀ ṣúgà rí láyé ẹ̀ lè ní in nígbà tó bá lóyún. Ohun tó fà á ni pé ibi ọmọ, ìyẹn ibi tí ọmọ fi ń jẹun nínú ikùn, máa ń tú àwọn èròjà kan tí wọ́n ń pè ní họ́mọ́ònù sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Àwọn èròjà yìí kì í jẹ́ kí ínsúlínì ìyá ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ínsúlínì yìí ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹran ara. Páńkíríásì, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, ló ń ṣe é. Bí oyún bá ti ń wọ oṣù kẹfà, ìdènà yìí á máa le sí i. Páńkíríásì ọ̀pọ̀ obìnrin á fi kún iṣẹ́ ẹ̀, kò sì ní sí wàhálà. Ti àwọn mìíràn ò ní lè bá a mu, ṣúgà á sì máa pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ṣe àyẹ̀wò yìí láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28 oyún.

Ibi tí ewu wà rèé. Ṣúgà máa ń gba ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ínsúlínì ìyá kì í kọjá. Nítorí náà, ọmọ inú á fúnra ẹ̀ máa ṣe ínsúlínì púpọ̀ láti fi kojú ṣúgà tó ń wọlé, á sì máa sanra ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá ní èjìká àti àyà. Lọ́jọ́ ìbí, orí ọmọ lè jáde kí èjìká há. Bí wọ́n bá sì gé ìwọ́, ṣúgà tó ń wá láti ọ̀dọ̀ ìyá á dá lójijì, ṣùgbọ́n ínsúlínì ọmọ ṣì pọ̀ lára ẹ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ á wá já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ẹni tó gbẹ̀bí bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, á ti múra sílẹ̀. Bí kò bá mọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di pàjáwìrì.

Ìyá fúnra ẹ̀ lè má mọ nǹkan kan lára. Òùngbẹ àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́ tí àwọn èèyàn ń wò, ṣebí aláboyún gbogbo ló ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Àyẹ̀wò ìtọ̀ nìkan ò tó, torí ṣúgà lè hàn nínú ìtọ̀ aláboyún tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ láìjẹun nìkan náà ò tó, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé láàárọ̀, ṣúgà wọn dára, àfìgbà tí oúnjẹ bá wọlé kó tó lọ sókè. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ṣúgà lé ara lórí, kí wọ́n lè wo bó ṣe máa rù ú.

Ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú, àti alẹ́ ọjọ́ tó kángun

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí àwọn èèyàn wa máa ń ṣe ni pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé àyẹ̀wò ṣúgà ni, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi oúnjẹ dùn ara wọn. Wọ́n á pa ẹ̀bà tì, wọ́n á pa ìrẹsì tì, kí nọ́ńbà lè wálẹ̀. Òdìkejì ló lè yọrí sí. Ara tí kò rí oúnjẹ oníṣítáàṣì fún ọjọ́ díẹ̀ máa ń gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kápá ṣúgà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí omi aládùn bá wá dé lójijì, nọ́ńbà á lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlànà ni pé kéèyàn jẹ ó kéré tán 150 gíráàmù oúnjẹ oníṣítáàṣì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Kò ní kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ń jẹ àmàlà, ìrẹsì, iṣu, búrẹ́dì tàbí túwó bó ṣe máa ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti kọjá ibẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tó kángun, ẹ jẹun tán, kẹ́ ẹ sì dáwọ́ dúró. Ààyè tó gbọ́dọ̀ wà láàárín oúnjẹ tó kẹ́yìn àti ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ jẹ́ wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá jẹun tán ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó dé lábù ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ti gba wákàtí mọ́kànlá, ó dára bẹ́ẹ̀. Omi lásán nìkan ló lè mu láàárín ìyẹn. Kì í ṣe tíì, kì í ṣe kúnú tàbí fùrá, kì í ṣe àgbo, kì í ṣe obì tàbí ṣingọ́ọ̀mù. Kò gbọ́dọ̀ mu sìgá.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí wa máa ń béèrè bóyá wọ́n lè fi ààwẹ̀ Ramadan ṣe é. Ìdáhùn ni pé àárọ̀ ni wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò yìí, torí ara kì í kápá ṣúgà lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́ tó bó ṣe máa ń kápá ẹ̀ láàárọ̀. Omi ṣúgà náà sì máa tú ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn. Tí ẹ bá jẹ sààrì ní aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, tẹ́ ẹ dé lábù láago mẹ́jọ, wákàtí mẹ́ta àbọ̀ péré ló ṣì kọjá, kò tíì tó. Ẹ bá nọ́ọ̀sì sọ ọ́, kẹ́ ẹ mú ọjọ́ tí kò ní dí yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ 28 kọjá lọ torí ẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ife

Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ jókòó sinmi díẹ̀. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ láti iṣan apá yín, kì í ṣe láti ọmọ ìka. Èyí ni ẹ̀jẹ̀ ìpìlẹ̀. Àwọn lábù kan á kọ́kọ́ gún ọmọ ìka kí wọ́n lè mọ̀ bóyá kò sí ewu kí wọ́n tó gbé omi ṣúgà wá. Tí nọ́ńbà àárọ̀ bá ti tó 7.0 mmol/L tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò ní fún yín ní omi ṣúgà mu mọ́. Wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ iṣan fìdí ẹ̀ múlẹ̀, wọ́n á sì fa yín lé dókítà lọ́wọ́.

Ìgbà yìí ni ife tó máa dé. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni 75 gíráàmù gúlúkóósì tí wọ́n pò mọ́ omi 250 sí 300 mílílítà. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìwọ̀n yìí, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí. Oríṣi lúbúlúbú gúlúkóósì méjì ló wà. Ọ̀kan gbẹ pátápátá, ti ẹ̀ ni 75 gíráàmù gẹ́lẹ́. Èkejì, omi ti fara mọ́ ọn látilẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé lúbúlúbú gbígbẹ lẹ fojú rí, ti ẹ̀ jẹ́ 82.5 gíráàmù kí gúlúkóósì tó wà nínú ẹ̀ tó lè pé 75. Òṣìṣẹ́ lábù gbọ́dọ̀ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ òun, kó sì fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ṣíbí ni wọ́n ń fi bu ú láìwọ̀n ọ́n, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé, "Gíráàmù mélòó lẹ fi síbẹ̀?"

Ní ibòmíràn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ra gúlúkóósì wá fúnra yín. Ẹ má fi ṣúgà tá a fi ń mu ẹ̀kọ rọ́pò ẹ̀, ẹ má sì fi mínírà rọ́pò ẹ̀. Ṣúgà ilé kì í ṣe gúlúkóósì tán. Ìdajì ẹ̀ ni gúlúkóósì, ìdajì yòókù jẹ́ ṣúgà inú èso, tí ara máa ń gba ọ̀nà mìíràn lò. Ẹni tó bá mu 75 gíráàmù ṣúgà ilé ò tíì mu ẹrù tí wọ́n fi ṣe ìdíwọ̀n nọ́ńbà tí wọ́n fẹ́ kà.

Omi yìí dùn dé ibi pé ó lè rìn yín ní inú, pàápàá fún aláboyún tí inú ń rìn tẹ́lẹ̀. Bó bá tutù díẹ̀, ó máa ń rọrùn láti mu. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún yín láti mu ún tán. Ẹ má gbé e dà sọ́fun lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì máa fi ẹnu tọ́ ọ wò bí ọtí gbígbóná fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹnu àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá fi kan ife ni aago ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ mu ún tán. Ẹ wo fóònù yín, kẹ́ ẹ kọ wákàtí àti ìṣẹ́jú yẹn sílẹ̀ fúnra yín.

Wákàtí méjì lórí ìjókòó

Bẹ́ ẹ ṣe jókòó síbẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nínú ara yín. Gúlúkóósì ò nílò kí ikùn lọ̀ ọ́, kíá ló máa ń gba ara ìfun wọ inú ẹ̀jẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á ti gun òkè débi tó máa gùn dé. Páńkíríásì á ti rí i, á tú ínsúlínì jáde. Ẹ̀dọ̀ á gba nínú ṣúgà náà pa mọ́, ẹran ara náà á gbà nínú ẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di wákàtí kejì, ara tó dá ṣáṣá á ti fà á wálẹ̀ sún mọ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ara tí ínsúlínì ẹ̀ ò tó, tàbí tí kò gbọ́ ti ínsúlínì mọ́, á ṣì wà lókè. Ẹ̀jẹ̀ wákàtí kan ń sọ bó ṣe gùn tó, ti wákàtí méjì ń sọ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí.

Ẹ ti wá rí ìdí tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ má rìn káàkiri. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ́jà lọ́ra ata kẹ́ ẹ tó padà, ẹran itan yín á ti jẹ nínú ṣúgà náà, nọ́ńbà á wálẹ̀, wọ́n á sì ní kò sí nǹkan kan nígbà tí nǹkan wà. Ẹ lè dìde lọ tọ̀, ẹ lè mu omi díẹ̀, ẹ lè máa bá ẹni tó jókòó tì yín tàkúrọ̀sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹun, ẹ má sì sùn lọ gbọrangandan débi tí ẹ ò ní gbọ́ bí wọ́n bá pe orúkọ yín.

Tẹ́ ẹ bá bì, ẹ má fi pa mọ́. Èébì ti gbé lára ẹrù náà jáde, kò sẹ́ni tó mọ iye tó kù nínú. Àyẹ̀wò yẹn ti parí fún ọjọ́ yẹn nìyẹn, ẹ máa padà wá ní ọjọ́ mìíràn. Ó dùn wá pé ẹ ti náwó ọkọ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí wọ́n bá kà lẹ́yìn èébì, irọ́ ni.

Tí wákàtí kan bá pé láti ìgbà tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ fẹnu kan ife, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ kejì. Tí wákàtí méjì bá pé, wọ́n á fa ẹ̀kẹta. Ẹ fi aago tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ rán wọn létí, torí èrò máa ń pọ̀ ní lábù, òṣìṣẹ́ kan péré sì lè máa bójú tó èèyàn ogún. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní wákàtí méjì àbọ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ wákàtí méjì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò kékeré

Àṣìṣe tí ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò ò lè fojú rí ló burú jù. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà kò kú sínú ìgò. Àwọn èròjà pupa inú ẹ̀ ṣì ń jẹ ṣúgà bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nínú ara. Bí ìgò náà bá wà nílẹ̀ lásán, ṣúgà inú ẹ̀ á máa dín kù ní nǹkan bí ìdá márùn-ún sí méje nínú ọgọ́rùn-ún láàárín wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń yára jù bẹ́ẹ̀ nígbà ooru. Ooru Sókótó àti Màídúgùrì nínú oṣù kẹrin kì í ṣe kékeré o.

Nítorí èyí, ìgò tí wọ́n ń lò fún ṣúgà yàtọ̀. Ọmọrí ẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ eérú, oògùn kan tó ń jẹ́ fúlóráìdì sì wà nínú ẹ̀ tó ń dá àwọn èròjà pupa yẹn dúró. Oògùn náà kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó lè gbà á tó wákàtí kan tàbí méjì kó tó dá wọn dúró tán. Nítorí náà, lábù tó mọṣẹ́ á gbé ìgò náà sórí yìnyín, tàbí kó tètè fi ẹ̀rọ ya omi ẹ̀jẹ̀ kúrò lára èyí tó pupa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ṣúgà wákàtí kejì obìnrin kan jẹ́ 8.9 nígbà tí ẹ̀jẹ̀ jáde lára ẹ̀. Wọ́n dà á sínú ìgò tí kò ní oògùn kankan, ó wá jókòó sórí tábìlì fún wákàtí méjì kí iná tó dé. Nígbà tí wọ́n bá kà á, ó lè ti di nǹkan bí 7.9. Ibi tí wọ́n pààlà sí fún aláboyún ni 8.5. Obìnrin tó ní àtọ̀gbẹ inú oyún á gba ìwé pé òun ò ní in, á sì máa jẹun lọ bó ṣe ń jẹun.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń gún ọmọ ìka ńkọ́? Ó wúlò fún ẹni tó ti mọ̀ pé òun ní ìtọ̀ ṣúgà, tó fẹ́ máa ṣọ́ ara ẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n gbà wọ́n láyè láti fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún yà sókè tàbí sísàlẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ 8.0 gan-an lè rí 9.2 tàbí 6.8. Yàtọ̀ síyẹn, lẹ́yìn téèyàn bá mu omi ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìka máa ń ní ṣúgà ju ti iṣan apá lọ. Kì í ṣe ohun tá a lè fi dájọ́ fún aláboyún.

Bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà

Lọ́dún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ààlà mẹ́ta yìí wọlé fún aláboyún: láàárọ̀ láìjẹun, 5.1 mmol/L, ní wákàtí kan, 10.0, ní wákàtí méjì, 8.5. Ọ̀kan péré tó bá tó ààlà ẹ̀ tàbí tó kọjá ẹ̀ ti tó láti sọ pé ó wà níbẹ̀, kò dìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọjá. Bí ti àárọ̀ bá tó 7.0, tàbí ti wákàtí méjì bá tó 11.1, ọ̀rọ̀ ti ju ti àtọ̀gbẹ inú oyún lásán lọ, wọ́n á kà á sí ìtọ̀ ṣúgà gan-an.

Ibi tí àwọn ààlà yìí ti wá ni ìwádìí ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2008, èyí tí wọ́n fi aláboyún tó lé ní 23,000 ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ṣúgà ìyá ṣe ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wàhálà ọmọ ńlá ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Kò sí ibì kan tó dà bí ògiri tí ewu ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn ló jókòó pinnu ibi tí wọ́n máa fa ìlà sí. Nítorí náà, ẹni tó ní 8.4 kò yàtọ̀ bí ọ̀run àti ayé sí ẹni tó ní 8.5, òun náà ní láti ṣọ́ ẹnu.

Àwọn lábù kan ń kọ mmol/L, àwọn mìíràn ń kọ mg/dL. Tẹ́ ẹ bá rí nọ́ńbà tó lé ní ọgọ́rùn-ún, ẹ má fi igbe ta, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ fi 18 sọ mmol/L di púpọ̀, yóò di mg/dL. Ààlà mẹ́ta tá a kà yẹn jẹ́ 92, 180 àti 153 lọ́nà kejì yìí.

Ẹ jẹ́ ká mú aláboyún kan bí àpẹẹrẹ. Sábọ́n Gàrì ní Kánò ló ń gbé, oyún ẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 26. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló jẹun kẹ́yìn. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó fẹnu kan ife ní 8:10, ó mu ún tán ní 8:14. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ kejì ní 9:10, wọ́n fa ẹ̀kẹta ní 10:10. Èsì tó jáde ni 4.8, lẹ́yìn náà 10.4, lẹ́yìn náà 8.1.

Ti àárọ̀ kò tó 5.1, ó dára. Ti wákàtí méjì kò tó 8.5, ó dára. Ṣùgbọ́n ti wákàtí kan kọjá 10.0. Obìnrin yìí ní àtọ̀gbẹ inú oyún. Ẹ wá wò ó: ká ní lábù tó lọ kì í fa ẹ̀jẹ̀ wákàtí kan, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe torí kí iṣẹ́ lè yá, wọn ì bá sọ fún un pé kó máa lọ, kò sí nǹkan kan. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa fa ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀ẹ̀mejì.

Ohun kan tún wà. Àwọn ọsibítù kan máa ń kọ́kọ́ fún aláboyún ní 50 gíráàmù láìsọ pé kó má jẹun, wọ́n á sì fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan péré. Àyẹ̀wò ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìyẹ̀wò àkọ́kọ́ lásán ni. Àwọn ààlà tá a kà sókè yìí kò bá a mu, ẹ má fi wọ́n dá a lẹ́jọ́.

Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Kì í ṣe omi ṣúgà tẹ́ ẹ mu ló fà á. Ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló fi hàn. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin, ìyípadà oúnjẹ àti rírìn lẹ́yìn oúnjẹ ti tó. Àwọn mìíràn á nílò oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlínì títí tí wọ́n á fi bímọ. Dókítà ló máa sọ èyí tó bá ara yín mu, kì í ṣe oníṣòwò àgbo inú ọkọ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wa nílẹ̀ àjò ló máa ń lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá wọn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, Òfà, Ìwó, Ìjẹ̀bú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé èsì yìí gbọ́dọ̀ bá yín rìnrìn àjò. Kí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí ẹ̀, kí wákàtí tí wọ́n fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, kí mmol/L tàbí mg/dL sì hàn ketekete. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọkọ àti sí ìyá tó máa bá yín gbé ọmọ. Ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí ọmọ yín nílé gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀, kó lè múra fún ọmọ ńlá, kó sì lè wo ṣúgà ọmọ lẹ́yìn ìbí. Ẹ tètè fún ọmọ lọ́mú.

Bí ibi ọmọ bá ti jáde, họ́mọ́ònù tó ń dínà náà ti lọ nìyẹn, ṣúgà sì sábà máa ń padà sípò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbí, ìyá gbọ́dọ̀ tún un ṣe pẹ̀lú 75 gíráàmù kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ààlà ti yí padà torí kò lóyún mọ́. Bí ti wákàtí méjì bá wà nísàlẹ̀ 7.8, ó dára. Láti 7.8 títí dé 11.0, ara ti ń rẹ̀ lábẹ́ ẹrù ṣúgà, ìkìlọ̀ ni. Láti 11.1 lọ sókè, tàbí ti àárọ̀ láti 7.0 lọ, ìtọ̀ ṣúgà ni. Àwọn obìnrin tó bá ti ní i nínú oyún rí ló máa ń ní ìtọ̀ ṣúgà ju àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn lọ lọ́jọ́ iwájú, nítorí náà kí wọ́n máa yẹ ara wọn wò ní ọdún kan sí mẹ́ta síra wọn, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún tó bá tún tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ìyálóde àti alága ẹgbẹ́ wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ó máa dára kẹ́ ẹ ka èyí fún àwọn obìnrin lọ́jọ́ ìpàdé, pàápàá fún àwọn tí Haúsá tàbí òyìnbó kò tíì dá lẹ́nu wọn. Tí ìyàwó ilé kan bá fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò yìí, ẹ fi ẹnì kan tó gbọ́ èdè ibẹ̀ tẹ̀ lé e, kó bá a mú aago lọ́wọ́.